Bí a ṣe ń ka owó kànga ẹ̀rọ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, àti iye tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ fún ewu

Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò ní Òmù-Àrán, ní Ọ̀fà tàbí ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ bá wáyé, iye owó ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹnì kan á ní mílíọ̀nù márùn-ún á ká a. Òmíràn á ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ tàwọn ará òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n á mú iye kan láàárín méjèèjì, wọ́n á pín in sórí ilé, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tó bá yá, ihò á ti wà nílẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á ti wà ní yàrá akápò, kò ní sí owó táńkì mọ́.

Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń ka owó iṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè: ká tú iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ká mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ, ká tó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣírò owó ìpamọ́, ìyẹn owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ewu tí a mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò mọ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀. Mo mú kànga ẹ̀rọ nítorí pé ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Orí àpáta líle ni Ìlọrin àti gúúsù Kwara jókòó lé. Inú ibi tí àpáta ti jẹrà di ilẹ̀, àti ojú ibi tó ti sán, ni omi ń gbé. Ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè ní omi yanturu, kí ti ilé kejì rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Òmù-Àrán ló fẹ́ ṣe é. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye owó tí mo lò. Mo tò wọ́n kí ó lè rọrùn láti rò. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

## Ẹ kọ ibi tí iṣẹ́ náà parí sí

"A fẹ́ gbẹ́ kànga" kò tíì tó iṣẹ́ tí a lè ka owó rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ wa kọ sílẹ̀ rèé: kànga ẹ̀rọ kan, tí pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo iná ìlú á máa fa omi rẹ̀ sínú táńkì 5,000 lítà lórí ìdúró onírin, tí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin á wà fún àwọn apọnmi lórí pèpéle kọnkéré tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní mítà 3.

Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ náà: kò sí sólà, kò sí ògiri yípo, kò sí páìpù tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìlà yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun sì ni wọ́n máa ń padà wá jà lé lórí. Bí alàgbà kan bá ní kí wọ́n ya omi sí ilé òun nígbà tí iṣẹ́ ti dé ìdajì, akọ̀wé á kàn ṣí ìwé ni, kò ní nílò láti bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀.

## Ẹ tú iṣẹ́ náà títí yóò fi di ohun tí ẹnì kan lè dá lé iye

Ìdìpọ̀ mẹ́fà ni mo pín iṣẹ́ yìí sí: àyẹ̀wò ilẹ̀; gbígbẹ́ kànga; pọ́ọ̀ǹpù àti iná; táńkì àti ìdúró rẹ̀; pèpéle àti ẹnu ẹ̀rọ; àti ìnáwó ṣíṣe àbójútó. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ó tún tú. Ibo ni ká ti dúró? Ẹ dúró nígbà tí ìlà kan bá ní ohun mẹ́rin: bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n (mítà, àpò, ẹyọ, ọjọ́), iye tí a nílò, owó ẹyọ kan, àti ẹni tí a ti gbọ́ owó náà lẹ́nu rẹ̀. Ìlà tó bá ṣaláìní ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, àfojúdá ni. Bí ẹ bá ń ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ fi iye tí a nílò sí òpó C, owó ẹyọ sí òpó D, kí ẹ sì kọ `=C2*D2` sí òpó E, kó lè jẹ́ pé bí owó ọjà bá yí, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo pèpéle kọnkéré yẹn dáadáa, nítorí ó kéré, síbẹ̀ gbogbo ọgbọ́n ìṣirò ló wà nínú rẹ̀. Mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀, kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ntímítà 10. Bí a bá sọ mẹ́ta rẹ̀ di púpọ̀ síra wọn, ó jẹ́ mítà oníhà mẹ́ta 1.2. Kọnkéré tí a fi sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin pò máa ń gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 mẹ́fà àbọ̀ fún mítà oníhà mẹ́ta kan. Èyí já sí àpò 7.8. Ṣé ká wá kọ 8? Rárá, 9 ni kí ẹ kọ, torí díẹ̀ máa dà nù, àpò kan lè ti dì, bíríkìlà á sì fi díẹ̀ dán ojú rẹ̀. Àpò kẹsàn-án yìí kì í ṣe ara owó ìpamọ́ o. Ohun tó máa ṣòfò nínú iṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í ṣe ewu; ó dájú pé á ṣẹlẹ̀, inú ìlà iṣẹ́ náà ló sì yẹ kó wà.

Òkúta àti yanrìn ní wàhálà tiwọn. Ìṣirò á sọ pé òkúta tí ẹ nílò jẹ́ nǹkan bí mítà oníhà mẹ́ta kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á lè má wọn iye bẹ́ẹ̀ fún yín, ọkọ̀ kékeré kan ló kéré jù tó máa gbé wá. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń tà á ni kí ẹ kọ, kì í ṣe bí ẹ ṣe máa lò ó. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ wò bóyá ìpìlẹ̀ ìdúró táńkì lè lò ó. Ìlà pèpéle wá lọ báyìí:

- sìmẹ́ǹtì, àpò 9 ní ₦10,000: ₦90,000
- yanrìn àti òkúta, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n dà á pọ̀ gbé: ₦60,000
- bíríkìlà kan, ọjọ́ 2 ní ₦12,000: ₦24,000
- lébírà 2, ọjọ́ 2 ní ₦6,500: ₦26,000

Ó jẹ́ ₦200,000. Bí a bá fi páìpù orí ilẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin àti owó iṣẹ́ púlọ́ḿbà ₦150,000 kún un, ìdìpọ̀ karùn-ún parí sí ₦350,000.

## Owó àpapọ̀ tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa ń pè

Ibí ni owó tó pọ̀ jù lọ wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ìdíyelé. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga á dé, á wo ilẹ̀, á ní "₦1,400,000, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀." Ẹ má ṣe gba owó àpapọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí akápò kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa bi í nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mítà mélòó ni owó yìí gbé wa dé?"

"Àádọ́ta... hẹn, ẹ jẹ́ ká ní mítà márùndínlógójì. Omi máa ń jáde kó tó dé bẹ̀ ládùúgbò yìí."

"Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ńkọ́, èló ni mítà kan?"

"Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n."

"Páìpù ojú kànga mélòó lẹ máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Mẹ́fà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náà ni ọ̀kan."

Ẹnì kejì pe ₦1,650,000, ó sì kọ ọ́ wẹ́wẹ́: gbígbé ọkọ̀ ẹ̀rọ wá láti Ìlọrin ₦250,000; mítà 50 ní ₦20,000, tí í ṣe ₦1,000,000; páìpù ojú kànga 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3, ní ₦22,000, tí í ṣe ₦220,000; òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa dà yí páìpù ká àti amọ̀ tí wọ́n máa fi dí òkè rẹ̀ ₦45,000; fífọ ihò àti dídán omi rẹ̀ wò ₦135,000.

Lójú ẹgbẹ́, ẹni àkọ́kọ́ ló dínwó pẹ̀lú ₦250,000. Ẹ wá gbé àwọn méjèèjì dé ìjìnlẹ̀ kan náà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá gbẹ́ dé mítà 50, mítà 15 tó lé á jẹ́ ₦375,000, páìpù mẹ́rin tó lé á jẹ́ ₦100,000, gbogbo rẹ̀ di ₦1,875,000. Òun ló wá wọ́n jù. A kò sì tíì béèrè bóyá dídán omi wò wà nínú owó tiẹ̀. Dídán omi wò yìí ni pé kí wọ́n fa omi náà fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà bọ̀. Òun ló ń sọ irú pọ́ọ̀ǹpù tó yẹ ká rà àti ibi tó yẹ kó wà. Ẹni tí kò ṣe é á ra pọ́ọ̀ǹpù tó lágbára ju omi ilẹ̀ lọ, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́, á sì jó.

Bí a bá fi ₦50,000 kún ti ẹnì kejì fún àyẹ̀wò omi ní ilé àyẹ̀wò, ìdìpọ̀ kejì jẹ́ ₦1,700,000. Àyẹ̀wò ilẹ̀ tó ṣáájú, tí onímọ̀ á fi ẹ̀rọ wo ojú méjì lórí ilẹ̀ náà, jẹ́ ₦150,000. Àwọn kan máa ń gé owó yìí kúrò kí bọ́jẹ́ẹ̀tì lè fúyẹ́. A ó rí ohun tí ìyẹn máa ń fà nígbà tí a bá dé orí ewu.

## Ìyókù, àti àwọn owó tí kì í ní ìlà

Pọ́ọ̀ǹpù àti àpótí rẹ̀ ₦300,000, páìpù tó ń gbé omi gòkè, mítà 45 ní ₦1,600, jẹ́ ₦72,000, wáyà rẹ̀ mítà 55 ní ₦2,600 jẹ́ ₦143,000, torí ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ihò dé ibi tí àpótí wà, okùn ₦25,000, iṣẹ́ oníná ₦60,000. Ó pé ₦600,000. Táńkì ₦420,000, ìdúró onírin ₦640,000 pẹ̀lú ọ̀dà àti iṣẹ́ wẹ́dà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ₦90,000, ọkọ̀ àti àwọn tó máa gbé táńkì gun òkè ₦50,000. Ó pé ₦1,200,000.

Ìdìpọ̀ kẹfà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé pátápátá, torí kò sí oníṣẹ́ kankan tó máa mú ìwé owó rẹ̀ wá. Ọkọ̀ tí akọ̀wé wọ̀ lọ sí Ìlọrin láti lọ wo táńkì, ọlọ́dẹ tó máa sun ibẹ̀ nígbà tí irin àti páìpù bá ti wà nílẹ̀, oúnjẹ àwọn tó ń gbẹ́ kànga (wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò Ìgbómìnà tí wọ́n á ti jẹ́ kí àlejò ṣiṣẹ́ lébi), owó tí báǹkì ń yọ. Mo fi ₦40,000, ₦25,000, ₦20,000 àti ₦15,000 sí i. ₦100,000 ni.

Ẹ wá ro ó pọ̀:

- àyẹ̀wò ilẹ̀: ₦150,000
- gbígbẹ́ kànga: ₦1,700,000
- pọ́ọ̀ǹpù àti iná: ₦600,000
- táńkì àti ìdúró: ₦1,200,000
- pèpéle àti ẹnu ẹ̀rọ: ₦350,000
- àbójútó: ₦100,000

Àpapọ̀ ₦4,100,000.

Nígbà tí iye yìí bá ti jáde ni ẹ tó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ará òkè lọ́hùn-ún tí wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́ta làwọn fi gbẹ́ tiwọn. Ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n ná nígbà tí omi ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í ṣe iye tí wọ́n dá ní ìpàdé. Bí iye wọn bá yàtọ̀ gan-an sí tiyín, ẹ wá ìlà tó fà á. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìlú kan ló ra táńkì fún wọn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá rí àlàyé, ìṣirò kò tíì parí.

## Má ṣe fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìlà

Kí a tó kan owó ìpamọ́, àṣà kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi ìdá 10 nínú 100 kún owó tiẹ̀ kó má baà pàdánù. Ẹni tó ń kó ìwé jọ á tún fi ìdá 10 kún un. Akápò náà á fi tiẹ̀ lé e kó tó gbé e wá sí ìpàdé. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì. ₦4,100,000 ti di nǹkan bí ₦5,457,000, ìdá 33 nínú 100 ti gun orí rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ewu tí owó náà wà fún. Ohun méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn ìlà tí kò séwu nínú wọn á ná àlékún tiwọn tán, torí owó tó bá ti wà lábẹ́ ìlà kan kì í padà wá. Ìlà tí ewu wà nínú rẹ̀ á sì tún kùnà, nítorí ìdá 10 kò tó o.

Nítorí náà, owó tí ẹ gbọ́ ní ọjà gan-an ni kí ẹ kọ sí ìlà. Owó ewu á ní ìlà tiẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á sì rí i.

## Ewu lórúkọ-lórúkọ

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn kọntirakítọ̀, wọ́n á ní ẹ fi ìdá 10 sí i, ó parí. Ìdá 10 lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ kọ ewu kọ̀ọ̀kan, iye tó máa jẹ bó bá ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe ṣeé ṣe tó. Fún ìyẹn, ẹ bi àwọn tó ti gbẹ́ kànga ní àdúgbò náà: nínú kànga mẹ́wàá tí ẹ mọ̀, mélòó ló gbẹ, mélòó ló jìn ju mítà 50 lọ? Kò ní pé géérégé, ṣùgbọ́n ó sàn ju àlá lọ. Ohun tí ẹgbẹ́ wa kọ rèé.

Ihò lè jìn ju bí a ṣe rò lọ. Bó bá dé mítà 65, gbígbẹ́ mítà 15 tó lé jẹ́ ₦300,000, páìpù àti wáyà tó máa bá a lọ sísàlẹ̀ jẹ́ ₦63,000: ₦363,000. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta.

Ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta lè nípọn jù, tí a ó nílò páìpù ojú kànga mẹ́rin sí i: ₦88,000. Ìlàjì-ìlàjì ni.

Táńkì, pọ́ọ̀ǹpù àti wáyà lè fi ìdá 10 gbówó lórí kí a tó rà wọ́n: ₦86,300. Ìlàjì-ìlàjì.

Ilẹ̀ ìdí táńkì lè rọ̀, kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn sí i: ₦60,000. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin.

Kànga lè gbẹ. Owó gbígbẹ́ mítà 50 ti lọ, a ó tún gbẹ́ òmíràn: ₦1,000,000. Pẹ̀lú àyẹ̀wò ilẹ̀, ẹgbẹ́ wa fi í sí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìṣirò yìí máa ń ní ká sọ owó kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú bó ṣe ṣeé ṣe tó, ká sì ro wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é: ₦121,000, ₦44,000, nǹkan bí ₦43,000, ₦15,000, àti ₦200,000 fún kànga tó gbẹ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦423,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 10 nínú 100 gan-an. Ó dà bíi pé àwọn kọntirakítọ̀ gbà á.

Ẹ tún un wò. Bí kànga bá gbẹ, mílíọ̀nù kan ni ẹ nílò. Owó tó wà lọ́wọ́ yín kò tó ìdajì rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, ₦200,000 tí ẹ kó jọ nítorí rẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan. Kò sí ọ̀nà tí kànga kan ṣoṣo á gbà gbẹ ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ dára fún ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbẹ́ ogójì kànga, torí ewu èyí á bo ti ìyẹn. Fún ẹgbẹ́ tó ń gbẹ́ ẹyọ kan, ewu kékeré tó pọ̀ ni ó wúlò fún. Ewu ńlá kan ṣoṣo, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

## Ọ̀nà méjì fún ewu méjì

Fún àwọn ewu kékeré mẹ́rin, àpapọ̀ ìṣirò yẹn jẹ́ ₦223,000. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ wo èyí tó tóbi jù nínú wọn: ₦363,000. Owó ìpamọ́ tí kò lè gbé ewu kékeré tó tóbi jù, owó ìpamọ́ lórúkọ lásán ni. Ẹ sì wo méjì tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: ihò tó jìn àti páìpù tó lé, ₦451,000. Mo máa gbé owó ìpamọ́ lé ₦460,000, tó jẹ́ ìdá 11 nínú 100. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ₦597,000 ni wọ́n máa jẹ, ₦460,000 kò ní ká a. Èmi ò ní tìtorí ìyẹn bu owó lé gbogbo ilé lórí. Ó ṣọ̀wọ́n kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé.

Fún kànga tó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tó máa dín in kù. Àyẹ̀wò ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gé ₦150,000 rẹ̀ kúrò ń fi mílíọ̀nù kan ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ẹni tó ń gbẹ́ kànga sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn kan máa gbà pé bí ihò kìíní bá gbẹ, ìdajì owó mítà ni àwọn máa gbà lórí rẹ̀. Wọ́n lè bu díẹ̀ lé owó wọn nítorí rẹ̀, ẹ sì lè rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí "gbẹ" túmọ̀ sí sínú ìwé náà ní iye omi tó ń jáde ní wákàtí kan, kì í ṣe "bí omi ò bá sí," torí kànga tó ń sun omi garawa mélòó kan lóòjọ́ ni ẹni tó gbẹ́ ẹ á pè ní kànga tó lómi.

Pẹ̀lú àdéhùn yìí, ewu náà ti di ₦500,000. Kí ẹ má ṣe gba owó yìí lọ́wọ́ àwọn aráàlú nísinsìnyí. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé pé bí kànga bá gbẹ, àwọn máa mú iye báyìí wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ yan àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Ẹ sì ṣe é kí ọkọ̀ ẹ̀rọ tó dé, torí bí ó bá ti padà sí Ìlọrin, ₦250,000 míràn lẹ máa fi pè é wá.

Ohun tí ẹ máa gbé lọ sí ìpàdé wá jẹ́ ìlà mẹ́ta: iṣẹ́ ₦4,100,000, owó ìpamọ́ ₦460,000, ìlérí tó wà nílẹ̀ bí kànga bá gbẹ ₦500,000. ₦4,560,000 ni ẹ máa pín sórí ilé.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà wà níbẹ̀. Ìparí ẹ̀rùn, kí òjò tó wọlé dáadáa, ló dára láti gbẹ́ ẹ àti láti dán omi rẹ̀ wò, torí ìgbà yẹn ni omi ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Kànga tí wọ́n dán wò ní oṣù kẹsàn-án lè parọ́ fún yín. Bí owó kò bá ní pé kí òjò tó dé, ẹ mọ̀ pé ewu ìdíyelé àti ti ọkọ̀ tó lè rì sínú ẹrẹ̀ ti ga sí i. Ẹ tún ìlà wọn ṣe.

## Bí a ṣe ń ná owó ìpamọ́

Ẹ pinnu ẹni tó lè ṣí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára kó jẹ́ alága, akápò àti ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó sọ orúkọ ewu tó ṣẹlẹ̀ nínú àwọn tí a kọ. Táìlì fún pèpéle kì í ṣe ewu. Òkúta tí wọ́n máa fi kọ orúkọ alága sí kì í ṣe ewu. Ìfẹ́ tuntun ni wọ́n, owó tuntun ló máa ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ní ihò ẹgbẹ́ wa lọ dé mítà 58 kí omi tó dára jáde. Mítà 8 tó lé ní ₦20,000 jẹ́ ₦160,000. Páìpù àti wáyà mítà 8 ní ₦4,200 jẹ́ ₦33,600. Wọ́n yọ ₦193,600, owó ìpamọ́ ku ₦266,400. Lọ́jọ́ tí wọ́n bo ẹnu kànga náà, tí ìdánwò omi sì yege, ewu mẹ́ta ti kú: gbígbẹ, jíjìn, àti páìpù. Wọ́n fa ìlà sí wọn, wọ́n sì dá ìwé ìlérí padà fún àwọn tó fọwọ́ sí i. Méjì ló kù, ìdíyelé àti ìpìlẹ̀ táńkì, tí wọn kò lè ju ₦146,300 lọ. ₦120,100 ti di òmìnira. Ọwọ́ ẹgbẹ́ ló padà sí. Ìgbìmọ̀ iṣẹ́ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ìdajì owó ìpamọ́ bá ti lọ kí ọkọ̀ ẹ̀rọ tó dé, a jẹ́ pé kì í ṣe ewu ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ìlà iṣẹ́ ni a kọ kéré jù. Ẹ dúró, ẹ tún ka àwọn ìlà tó kù pẹ̀lú owó ọjà tọjọ́ yẹn, kí ẹ sì padà sí ìpàdé pẹ̀lú iye tuntun nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí akọ̀wé kọ owó ẹyọ tí ẹ san gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀, ìlà sí ìlà, pẹ̀lú déètì, ìjìnlẹ̀ tí kànga dé, iye páìpù tó wọlé àti iye omi tó ń jáde ní wákàtí kan. Kó lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìpàdé, kó sì fún ẹni tó ń bójú tó pọ́ọ̀ǹpù ní èkejì.